Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ nítorí gàrí

Bàbá Ìbejì, àbúrò mi,

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí o rán sí mi. O fẹ́ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ṣágámù níbẹ̀ yẹn, kí o padà wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó wá dá ilé gàrí sílẹ̀ lórí ilẹ̀ bàbá wa. Ọmọ ọdún 47 ni ọ́. O ní ìbéèrè kan ṣoṣo lo bi ara rẹ kí o tó pinnu: bí o bá di ẹni 80 ọdún, èwo ni yóò dùn ọ́ jù, pé o ṣe é tó bàjẹ́ ni, àbí pé o ò ṣe é rárá?

Mo mọ ẹni tó sọ ìbéèrè yẹn di olókìkí. Jeff Bezos ni, nígbà tó fẹ́ fi iṣẹ́ olówó ńlá tó ń ṣe ní Niu Yọ́ọ̀kì sílẹ̀ ní 1994 láti lọ dá Amazon sílẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, n kò bú u. Ṣùgbọ́n ẹni 30 ọdún ni lọ́dún náà, kò tíì bímọ, àwọn òbí rẹ̀ sì bá a fi owó sí i. Ìwọ ní ìbejì tó ń lọ sí sẹ́kọ́ńdírì, ìwọ náà lo ń ra oògùn Màmá. Àgbàlagbà ẹni 80 tí o ń bi léèrè kò ní san owó ilé ìwé oṣù kẹsàn-án. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí o fi ìbéèrè kejì tì í: oṣù mélòó ni owó yóò gbé yín, èwo ni a kò sì lè dá padà?

Jẹ́ kí a kọ́kọ́ parí ti àbámọ̀ ná. Àwọn àgbà ní gbogbo òtòlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Àwọn onímọ̀ méjì kan ní Amẹ́ríkà, Gilovich àti Medvec, wádìí rẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1999. Wọ́n rí i pé ohun tí ènìyàn ṣe tí kò dára ló máa ń dùn ún jù láìpẹ́ sí ìgbà tó ṣe é, ṣùgbọ́n tó bá bojú wo gbogbo ayé rẹ̀ lẹ́yìn, ohun tí kò ṣe ló máa ń ká a lára jù. Ó jọ pé tìrẹ ni wọ́n ń gbè. Àmọ́ wo ohun kan: gàrí tí o kò yan kò lè bà jẹ́ láé. Kò sí oníbàárà tó máa jẹ ẹ́ ní gbèsè, kò sí ẹ̀rọ tó máa bàjẹ́ lórí rẹ̀. Nítorí náà ohun tí a kò ṣe máa ń dára lójú wa ju bí ì bá ti rí lọ. Má fi ilé gàrí inú àlá wé iṣẹ́ tí o ń jí lọ ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè.

Ohun kejì tó ń kọ mí lóminú nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni regbẹ́regbẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lo dárúkọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ tó jáde ní Ojúde Ọba, pé ọ̀gá ara wọn ni gbogbo wọn. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yín kò bá ní í mọ̀ láé bóyá o lọ tàbí o dúró, ṣé yóò ṣì dùn ọ́? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtìjú ni, kì í ṣe àbámọ̀, aṣọ ẹgbẹ́ tó dára sì lè wò ó sàn ní owó tó kéré sí i. (Má bínú. O mọ ẹnu mi.)

Ká ní ìdáhùn rẹ ni pé yóò ṣì dùn ọ́. Ó yá, ewu. Ìwọ ń bi mí pé ṣé òwò náà yóò yọrí. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ohun tí a lè mọ̀ ni iye oṣù tí owó yóò gbé yín, àti èwo nínú ohun tí o fẹ́ ṣe ni a kò lè dá padà.

O ní mílíọ̀nù 2.6 náírà lọ́wọ́. Ìnáwó ilé yín jẹ́ ₦230,000 lóṣù, ìyàwó rẹ ń mú ₦90,000 wálé, nítorí náà ₦140,000 ni àlàfo tí o ní láti dí. O pín in, o rí oṣù 18, ọkàn rẹ balẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ kọ ọ́ pé ẹ̀rọ tí a fi ń rin gbágùúdá, jáàkì, agbada àti àtíbàbà yóò gba mílíọ̀nù 1.4. Ó ku mílíọ̀nù 1.2. Gàrí Ìjẹ̀bú kì í ṣe gàrí ọjọ́ kan, ọjọ́ mélòó kan ló ń lò nínú àpò kó tó kan dáadáa, nítorí náà owó gbágùúdá, igi ìdáná àti owó àwọn obìnrin tó ń yan án yóò ti jáde kí kóńgò kan tó tà. Fi ₦400,000 sílẹ̀ fún ìyẹn. Ó ku ₦800,000, ìyẹn kò sì pé oṣù mẹ́fà. Oṣù 18 ti di mẹ́fà láìjẹ́ pé nǹkan kan bàjẹ́.

Má ka owó ìfẹ̀yìntì mọ́ ọn. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó pé 50 ọdún gbọ́dọ̀ wà láìrí iṣẹ́ mìíràn fún oṣù mẹ́rin kí òfin ọdún 2014 tó gbà á láàyè láti gba ohun tí kò ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà níbẹ̀.

Nínú èyí tí a kò lè dá padà: ẹ̀rọ ṣeé tà, ó kàn máa dín lówó ni. Iṣẹ́ rẹ ṣòro díẹ̀, torí kò wọ́pọ̀ kí ilé iṣẹ́ gba ẹni 48 ọdún sí irú ipò yẹn. Ilẹ̀ bàbá wa ni kò ní àpadàbọ̀ rárá. Bí o bá fi dúró fún gbèsè, mo máa kọ́kọ́ bá ọ jà.

Èyí tí mo rí ni pé kí o gé ewu náà kéré láìfi àbámọ̀ sílẹ̀ lọ́kàn rẹ. Gba ìsinmi ọdún rẹ. Ra tọ́ọ̀nù gbágùúdá kan, gbé e lọ sí ẹ̀rọ olówó, kí o sanwó rínrin, kí o háyà àwọn ayan-gàrí, kí o sì gbé gàrí rẹ lọ sí ọjà Òkè-Ajé fúnra rẹ. Wọn gàrí tó jáde. Kílò 200 sí 250 ló yẹ kí tọ́ọ̀nù kan mú wá. Bí ó bá kéré gan-an sí bẹ́ẹ̀, bóyá omi ti pọ̀ jù nínú gbágùúdá náà, tàbí wọ́n bó èèpo rẹ̀ nípọn jù, tàbí ẹnìkan ń bù ú. Kọ iye tó tà lówó sílẹ̀ àti iye tó lọ ní àwìn. Tún un ṣe nígbà òjò. Ìdánwò yìí kò ní kọ́ ọ bí oṣù kẹta òwò ṣe ń rí nígbà tí owó gbágùúdá bá wọ́n lẹ́yìn tí gàrí ti já wálẹ̀, ṣùgbọ́n wàá ti mọ èrè orí àpò kan.

Bí èrè náà bá dá ọ lójú, tí o sì tọ́jú owó tó lè gbé ilé fún ọdún kan yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ, kọ̀wé, lọ. N ò ní dí ọ lọ́wọ́. Kí ìwọ àti ìyàwó rẹ kọ ààlà sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: bí owó ilé bá wálẹ̀ dé ₦400,000, tàbí bí oṣù méjì léra bá kọjá tí gàrí kò pa owó gbágùúdá, igi àti òṣìṣẹ́, ẹ dá a dúró, ẹ ta ẹ̀rọ. Ìsinsìnyí tí ara rẹ balẹ̀ ni kí o kọ ọ́, torí lọ́jọ́ náà wàá ní ìdí mẹ́wàá láti fi oṣù kan kún un. Èmi ni kí ẹ fún ní ẹ̀dà kan.

Kí o tó wá ní Sátidé, béèrè iye gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó kù lọ́rùn rẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́. O kò dárúkọ rẹ̀ nínú ìṣirò rẹ, wọn yóò sì yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ tí o bá ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin,
Ìjẹ̀bú-Igbó