Bọ́lá, má kánjú oko yẹn

Bọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni Glasgow, òtútù ò tíì mú ẹ jù? Mo rí mẹ́séèjì ẹ pé o ti ra Stardew Valley, géèmù oko yẹn, pé ó sì ti ń sú ẹ torí omi lo kàn ń bu sí ilẹ̀ lójoojúmọ́. Farabalẹ̀ jàre. Ọjọ́ kan nínú ẹ̀ ò ju nǹkan bíi ìṣẹ́jú 14 lọ, èmi máa ń gbá ọjọ́ kan tàbí méjì lálẹ́, ó tán. Àmọ́ àfi tóo bá sùn nínú géèmù kó tó séèfù o, tóo bá pa á lọ́sàn-án, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn.

Kàlẹ́ńdà ni kóo máa wò. Ọjọ́ 28 ni sáà kọ̀ọ̀kan, tí sáà tuntun bá ti wọlé, ọ̀pọ̀ ohun tóo gbìn sí sáà tó lọ á kú, torí náà máa kà á wá sẹ́yìn. Pòtétò máa ń gba ọjọ́ 6, tóo bá gbìn ín ní ọjọ́ 22 wàá wà á ní 28, tó bá di 23 owó ẹ ti wọgbó. Ọjọ́ tóo bá gbàgbé àtibomi, kò ní kú, kò kàn ní dàgbà ni, ibẹ̀ sì ni ìṣírò ti máa ń yẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Sítírọ́bẹ́rì wá ńkọ́? Ọjọ́ 13 sípíríǹgì, níbi Egg Festival, ni wọ́n ń ta irúgbìn ẹ̀, 100 góòlù ẹyọ kan. Wọ́n á ní kóo sáré gbìn ín lóru yẹn, kò pọn dandan. Ọjọ́ 8 ló fi ń so, lẹ́yìn náà á máa so ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, bóo gbìn ín ní 13 o, bóo gbìn ín ní 16 o, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wàá ká a. Ẹyọ kan ń lọ ní 120, ìyẹn 240 lórí 100, kò burú. Ṣùgbọ́n tóo bá lè ní sùúrù, kó irúgbìn yẹn sínú àpótí títí di ọdún kejì, kóo gbìn ín ní ọjọ́ kìíní sípíríǹgì, wàá ká a lẹ́ẹ̀marùn-ún, 600 nìyẹn lórí 100 kan náà! Èmi máa ń pín in sí méjì, torí ọdún kìíní owó ò sí lọ́wọ́ èèyàn rárá.

Agolo ìbomirin ńkọ́, ọjọ́ méjì ló ń lò lọ́dọ̀ Clint alágbẹ̀dẹ tóo bá fẹ́ kó sọ ọ́ di ti kọ́pà, 2,000 góòlù àti ọ̀pá kọ́pà márùn-ún. Wo tẹlifíṣàn láàárọ̀, tí wọ́n bá ní òjò máa rọ̀ lọ́la, bomi tòní tán kóo wá gbé e lọ fún un, òjò á bá ẹ ṣe tọ̀la, wàá lọ gbà á ní ọ̀túnla láago mẹ́sàn-án tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ kelòó lo wà báyìí ná? Tí kò bá tíì kọjá 13, kọ̀wé sí mi kíá.

Èmi ni,
Ṣadé