Àrokò kọ́ ni ìpè inú bíríìjì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka ohun tí òǹkọ̀wé yín kan kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa àwa tí a ń ta bíríìjì, eré káàdì. Ó ní àrokò là ń pa síra wa lójú àwọn tá a jọ ń ta. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé òun wò wá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ní Ìbarà níbí, òun sì rí ọkùnrin kan tó pe kílọ́ọ̀bù méjì nígbà tí kílọ́ọ̀bù ọwọ́ rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹnìkejì mi ni ọkùnrin náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu tèmi náà.

Ẹni mẹ́rin ló ń ta bíríìjì, méjì sí méjì, káàdì 13 sì ló ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo wa bá ju ẹyọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ ga jù ló kó o; ìkó kan nìyẹn. Kí a tó ju ẹyọ kankan, a ó kọ́kọ́ pe iye ìkó tí apá wa lè rí, àti irú káàdì tí yóò jẹ́ ọ̀gá lórí ìyókù, kílọ́ọ̀bù, dáyámọ́ńdì, háátì tàbí sípéèdì, tàbí ká ní kò sí ọ̀gá rárá. Orí mẹ́fà ni ìkà náà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà sípéèdì mẹ́rin túmọ̀ sí ìkó mẹ́wàá. Ìpè 35 ló wà, pẹ̀lú páàsì, dọ́bù àti rìdọ́bù. Òkè ni a sì ń gùn: ẹni tó bá ti pe sípéèdì kan kò lè padà wá sí háátì kan. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí káàdì 13 lè gbà bọ́ síni lọ́wọ́ ju 600,000,000,000 lọ. Ọ̀rọ̀ 38 la fẹ́ fi sọ gbogbo ìyẹn.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, èmi ni mo kọ́kọ́ pè. Sípéèdì mẹ́rin wà lọ́wọ́ mi, kíǹgì àti jáàkì nínú wọn. Háátì mẹ́ta, éèsì nínú wọn. Dáyámọ́ńdì mẹ́ta, kíǹgì nínú wọn. Àti kíǹgì, kúìnnì àti ẹ̀wá kílọ́ọ̀bù. Éèsì ní àmì 4, kíǹgì 3, kúìnnì 2, jáàkì 1, nítorí náà àmì 16 ni mo ní. Mo pe “kan, láìlọ́gá.” Láàárín àwa méjèèjì, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àmì mi kò dín ní 15, kò ju 17, káàdì mi sì pín déédéé. Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí ọwọ́ ẹnìkejì mi, tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n: ó ti mọ̀ mí, èmi kò tíì mọ̀ ọ́n.

Àmì 11 ló ní. Bí tèmi bá tiẹ̀ jẹ́ 15 péré, 26 ti pé, 25 sì sábà máa ń tó fún ìpè ńlá bíi sípéèdì mẹ́rin. Ohun tó kù tó ń wá ni bóyá mo ní sípéèdì mẹ́rin bíi tirẹ̀, torí háátì méjì tó ní kéré, wọn kò lágbára. Kò gbọ́dọ̀ fẹnu bi mí. Ó pe kílọ́ọ̀bù méjì, ìyẹn sì ni ìbéèrè náà: “Ṣé o ní háátì tàbí sípéèdì mẹ́rin?” Ká ní n kò ní, dáyámọ́ńdì méjì ni ǹ bá pè. Mo pe sípéèdì méjì. Ó fò lọ sí mẹ́rin, ó tán.

Háátì ni wọ́n fi ṣí i, bí ẹ̀gbọ́n ṣe fura. Ká ní a dúró sí láìlọ́gá, wọn ì bá máa fi háátì kó lọ nígbà tí tiwa bá tán. Nítorí pé sípéèdì jẹ́ ọ̀gá, háátì kejì ni wọ́n kó mọ. Ìkẹta, sípéèdì kékeré ti ẹ̀gbọ́n ló gé e. Dáyámọ́ńdì kan àti éèsì kílọ́ọ̀bù náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìkó mẹ́wàá pé géérégé.

Ibo wá ni àrokò wà níbẹ̀? Ẹni tó jókòó lápá òsì mi béèrè ìtumọ̀ kílọ́ọ̀bù méjì, èmi ni mo sì ṣàlàyé fún un, torí òfin ní ẹnìkejì ẹni tó pè ni kó dáhùn. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n nídìí bíríìjì, ọ̀tá náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ààbọ̀ yẹn. A sì ń sanwó rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá ní kílọ́ọ̀bù mẹ́fà àti àmì mẹ́rin, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí kílọ́ọ̀bù méjì mọ́. Ìpè yẹn ti di ìbéèrè.

Ibi tí ojọ́ro ti ń wọlé yàtọ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pe háátì mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n wo àjà, ó fọwọ́ kan káàdì, ó mí kanlẹ̀, ó wá páàsì. Àmì mẹ́sàn-án ni mo ní. Mo pe sípéèdì mẹ́ta, a sì rí i kó. Adájọ́ eré fagi lé e, ó dá wa padà sí háátì mẹ́ta tiwọn. Mo bínú dé ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá páàsì kíákíá, ṣé ǹ bá pè lẹ́yìn rẹ̀? Mímí tó mí ni mo gbọ́. Bí òǹkọ̀wé yín bá tún wá sí Ìbarà, irú ìyẹn ni kó máa ṣọ́, kó fi kílọ́ọ̀bù méjì sílẹ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Ìbarà, Abẹ́òkúta