Lẹ́tà sí ìyá aládìrẹ tí ọ̀rọ̀ ilé wa ṣì lọ bá

Ẹ̀yin Màmá,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi lẹni tó kọ̀wé sí yín lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn pé ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá tún ti gòkè, pé kí ẹ fowó oògùn ránṣẹ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí Màmá gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ nọ́ńbà, inú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Láfẹ́nwá ni mo wà nígbà tó ń pè é fún mi. Pẹ̀lú ariwo kọndọ́, mo kọ 47 tó gbẹ̀yìn ní 74.

Àwòrán orí nọ́ńbà yín ló tú àṣìṣe mi fó: adìrẹ ẹlẹ́kọ lórí okùn. Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í wọ̀ ju jíǹsì lọ! Àyà mi já, mo tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, mo sì yan "Delete for me" dípò "Delete for everyone". Àṣìṣe kejì yìí ló burú jù. Ojú tèmi nìkan ló ti pa rẹ́. Lọ́dọ̀ yín, ó wà níbẹ̀ digbí. "Undo" yọ sí mi fún bí ìṣẹ́jú àáyá 5, ọwọ́ mi ń gbọ̀n títí ó fi lọ. Ká ní mo yan èyí tó tọ́ ni, mo ní ohun tó lé ní ọjọ́ 2 láti fi pa á rẹ́ lọ́dọ̀ yín. Ní báyìí, mi ò rí ọ̀rọ̀ náà mọ́ débi pé màá tẹ̀ ẹ́.

Lẹ bá kọ̀wé:

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Èmi kọ́ lẹ ń wá. Ẹ tètè fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín, torí kò tíì gbọ́. Mo ti pa á rẹ́ níbí. Ọlọ́run á wo Bàbá sàn."

"Kò tíì gbọ́" yẹn ló jí mi. Ìtìjú ti gbé mi lọ, mo ti gbàgbé pé ẹni tó yẹ kó wá owó kò mọ nǹkan kan. Ẹ ò sì díbọ́n pé ẹ ò kà á. Ṣé irọ́ yẹn ì bá tù mí nínú? Rárá, màá kàn máa rò ó kiri ni.

Ká sòótọ́, ká ní èmi ni mo gbà á, màá ti rò pé gbájúẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: "ẹ jọ̀ọ́, mo ṣi nọ́ńbà," lẹ́yìn náà orúkọ, ìlú, ó di òwò. Ẹ ò bi mí ní ìkankan. Nígbà tí ọpẹ́ mi gùn, ẹ kàn fi ọwọ́ àdúrà kan dáhùn, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n mi fowó ránṣẹ́ lóru ọjọ́ náà. Ẹni tó bá fún mi ní nọ́ńbà báyìí, àfi kó kọ́kọ́ fílàṣì mi. Bàbá ti ń jókòó síta.

Mo ti pa nọ́ńbà yín rẹ́ pẹ̀lú, ló jẹ́ kí n máa kọ ọ́ síta báyìí. Tí mo bá ń kọjá ní Ìtòkú, mo máa ń wo àwọn aládìrẹ lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò bèèrè.