Ẹ̀sùn lórí iṣu tó ń kú nínú géèmù "Oko Etídò"

Òkè-Fìà,
Òṣogbo,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ.

Sí Alákòóso tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oníbàárà,

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni ọ̀kan nínú àwọn tó san ₦4,500 fún géèmù yín "Oko Etídò" nínú oṣù Kẹfà. Mo ti dá oko níbẹ̀ fún ọdún méjì gbáko, mo sì ti wọ ẹ̀kẹta. Ọdún inú géèmù ni mò ń wí o, tí sáà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọjọ́ 28: Àkọ́rọ̀, Àrọ̀kúrò, Ọyẹ́, Ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má rò pé mo kàn wò ó fìrí ni mo wá ń kọ̀wé ẹ̀sùn.

Kí n má parọ́, ibi tó dáa níbẹ̀ dáa. Bí ẹ ṣe ṣe Ọyẹ́ wù mí gan-an: kùrukùru láàárọ̀, ewé tó ń gbẹ, àti ètè ọmọlangidi mi tó funfun títí mo fi ra òrí fún un lọ́wọ́ Ìyá Alátẹ. Ilá náà ṣe bí ilá, ẹ ká a lónìí, lọ́tùúnla ẹ tún bá òmíràn. Ṣùgbọ́n iṣu ló gbé mi dé ìdí lẹ́tà yìí.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ fún mi ní 3,000 owó ẹyọ láti fi bẹ̀rẹ̀. Mo yọ 2,400 níbẹ̀, mo fi ra èèbù 40 ní 60 ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí àkọlé ara rẹ̀ sọ pé iṣu kan yóò pa 150. Agbára ọmọlangidi mi kò ju ebè 16 lọ lójúmọ́, nítorí náà ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ebè tí mo sì fi gbìn ín. Mo fi ọ̀pá tì wọ́n, mo tu koríko. Ewé yọ, ó gun ọ̀pá, ó ń dán. Mo sùn ní alẹ́ ọjọ́ 28 Àkọ́rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tó di ọjọ́ kìn-ín-ní Àrọ̀kúrò, gbogbo ogójì ti gbẹ dànù, igi gbígbẹ lásán ló kù lórí ebè. Mo gbẹ́ ìdí ọ̀kan, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé n kò bomi rin ín dáadáa ni. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó padà ka àkọlé èèbù: "Ó ń dàgbà ní ọjọ́ 36. Sáà: Àkọ́rọ̀." Ẹ̀yin ọ̀gá mi, sáà yín jẹ́ ọjọ́ 28, iṣu yín ń gba ọjọ́ 36, ohun tó bá sì wà lóko tí sáà tirẹ̀ bá parí ń kú lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Ibo ni ẹ fẹ́ kí èèyàn ti wa iṣu?

Mo mọ̀ pé àṣìṣe ni, kì í ṣe òfin géèmù, nítorí àgbàdo. Ọjọ́ 20 ni àgbàdo ń lò, ṣùgbọ́n àkọlé tirẹ̀ sọ pé "Sáà: Àkọ́rọ̀, Àrọ̀kúrò." Èyí tí mo gbìn ní ọjọ́ 15 Àkọ́rọ̀ kọjá òru yẹn láìfarapa, mo sì ya á ní ọjọ́ 7 Àrọ̀kúrò. Ẹ ti ní ọ̀nà tí irúgbìn fi ń ti inú sáà kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ kàn gbàgbé láti fi iṣu sí i ni.

Ohun tó dùn mí jù ni ibi tí ẹ mú pa á. Láàárín àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò gan-an, nígbà tí òjò ń dá díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, ni iṣu tuntun ń jáde ní ọ̀dọ̀ wa. Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ó ti kún Ọjà Ọba. Lóko bàbá ọkọ mi, ní ọ̀nà Ìlobùú, èèbù ti wọlẹ̀ kí òjò tó dé rárá, wọ́n á sì fi koríko gbígbẹ bo orí ebè kí oòrùn má baà sè é. Oṣù méje sí mẹ́sàn-án ló ń lò nínú ilẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ tètè jẹ ẹ́, wọ́n á rọra gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ebè, wọ́n á gé iṣu náà kúrò lábẹ́ orí, wọ́n á sì fi yẹ̀pẹ̀ bo orí yẹn padà, torí pé yóò tún ta èèbù tọdún tó ń bọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe èyí ni tiyín ń gbẹ.

Ẹnìkan níbi iṣẹ́ yín lè sọ pé ajílẹ̀ wà. Ó wà lóòótọ́, ó ń dín ìdámẹ́rin kù nínú ọjọ́, 36 á di 27. Ṣùgbọ́n Bàbá Olóko ló ń kọ́ni ní bí wọ́n ṣe ń pò ó, kò sì ní kọ́ ẹ títí ọ̀rẹ́ yín yóò fi pé ọkàn márùn-ún, ìyẹn máàkì 1,000. Ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe kejì. Láràárọ̀ fún ọdún kan, ọjọ́ 112, mo kí bàbá yìí "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá", ọmọlangidi mi sì ń kúnlẹ̀. Mo ń fún un ní obì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọkàn kan péré ló wà níwájú orúkọ rẹ̀ nígbà tí ọdún parí.

Táyé mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló tú àṣírí. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó bá Bàbá Olóko lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ "Báwo ni?" Mo ti ń bá a wí pé ṣé bó ṣe ń kí àgbà nìyẹn, àfi bí mo ṣe rí +10 tó fò sókè lórí bàbá. Èmi tí mò ń kúnlẹ̀, òdo ni wọ́n ń kọ fún mi, wọ́n sì ń yọ 2 lójúmọ́ bí ẹni pé n kò kí i rárá! Obì jẹ́ 30 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 16 jẹ́ 480. Ẹ yọ 224 kúrò, ó ku 256. (Ọwọ́ òsì ni gbogbo ará abúlé yín sì fi ń gba ẹ̀bùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìyẹn náà wò.)

Mo gbé ìtìjú tì, mo ń sọ "Báwo ni" fún bàbá arúgbó. Ní nǹkan bí ọjọ́ 52, ó kọ́ mi. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún kẹta, mo fi ajílẹ̀ gbin èèbù 16, mo sì wa wọ́n ní ọjọ́ 28, iṣu 16, owó ẹyọ 2,400. Tí n bá gbin ọ̀kan ní ọjọ́ kejì, yóò kú. Nítorí náà, ebè 16 lọ́dún ni òpin oko iṣu nínú géèmù tí ẹ fi àwòrán iṣu sí ara àpò rẹ̀.

Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí ẹ fi Àrọ̀kúrò kún sáà iṣu, kí ẹ sì jẹ́ kí ìkíni tó ní ọ̀wọ̀ ní máàkì tirẹ̀. Bí ẹ̀dà tuntun kò bá tíì dé kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, ẹ dá ₦4,500 mi padà sí àkáǹtì tí mo fi san án.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà.