Igbá àti igbà

Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá Ìbejì ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé òtútù ò tíì sọ ẹ́ di yìnyín? Ọyẹ́ ti ń lọ ní tiwa, eruku ló kù. Bàbá mi ní kí n kí ẹ, iṣu wọ́n, ọmọ alákàrà ìdí ọ̀nà ti bímọ, obìnrin ni.

Ọ̀rọ̀ ewì ló gbé mi dé. Wọ́n ní kí n kọ èyí táwọn ọmọ máa ké lọ́jọ́ èdè abínibí, 21 oṣù Kejì. Ọjọ́ yẹn lọ́dún 1952 ni wọ́n yìnbọn pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Dáká, ìlú tó wà ní Bangladẹ́ṣì báyìí, torí wọ́n ní kí ìjọba gba èdè Bẹ̀ǹgálì náà wọlé. Tiwa mọ ní pátákó tí wọ́n ń gbé kọ́ wa lọ́rùn nílé ìwé torí a sọ Yorùbá. Ṣé o rántí “ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi”? Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀:

Igbá lèdè ìyá mi, mo fi ń bomi mu;
Igbà lèdè ìyá mi, mo fi ń gun ọ̀pẹ.
Bó o bá gbọ́ tẹlòmíì, o gbọ́n;
Bó o bá gbàgbé tìyá ẹ, o gọ̀.

Ẹni tó bá wa tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ò fi àmì ohùn kankan sí i. Ọmọbìnrin tó ń léwájú bá dìde, ó ní “Igba lèdè ìyá mi,” lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnìkan lẹ́yìn ní, “Igba náírà ni?” Yàrá dàrú.

Mo fi bírò fi àmì sí ìwé méjèèjìlá. Ọmọbìnrin náà rí àmì, ẹnu ẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Mo bá ní ká máa kọ ọ́ lórin: igbá, re-mí; igbà, re-dò. Gbọ́n, mí, gọ̀, dò. Ìlà kan gbé ohùn lọ sókè, èkejì sọ ọ́ kalẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lewì yẹn wà. Bí wọ́n bá kà á pẹrẹsẹ, ó ti kú nìyẹn.

Àmọ́ kò sẹ́ni tó rí igbà rí nínú wọn! Mo gbé ti Bàbá wá láti ẹ̀yìnkùlé, ibi tó ti ń ha ara ọ̀pẹ ti ń dán. Ọmọ náà fi yí òpó ilé àti ìdí ara ẹ̀ ká, ó fara tì í sẹ́yìn, ó gbà á dúró. Kò ṣì í pè mọ́.

Tádé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wá fi òyìnbó bi mí pé kí nìyẹn. Èmi akéwì! Èmi náà ni mo ń fi òyìnbó rẹ̀ ẹ́ láti kékeré, mo rò pé Yorùbá á kàn wọlé sí i lára fúnra ẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni báyìí.

Jọ̀ọ́, àwọn ìbejì ẹ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún, tí wọ́n ń kí mi ní “ẹ káàárọ̀ mà” lórí fóònù, kí wọ́n máa pe Tádé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Bó bá fòyìnbó dáhùn, kí wọ́n ṣe bíi pé wọn ò gbọ́. Bó bá pe igbà ní igba, kí wọ́n má rẹ́rìn-ín.

Má sì jẹ́ kí bàbá ẹ̀ mọ̀ pé èmi ni mo bẹ̀ ẹ́.

Èmi ni,
Ìyá Tádé