Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ máàkì àkàyé

Àbúrò mi,

Mo ti ka ìlànà ìmáàkì tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, pẹ̀lú fọ́tò ìwé àwọn ọmọ mẹ́wàá yẹn. Ayọkà rẹ dùn. Ìbéèrè kẹrin tí o fún ní máàkì 3 ló dá mi dúró. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ìdáhùn tó dára, 3, èyí tó dára díẹ̀, 2 tàbí 1." Díẹ̀ ti ta ni? Díẹ̀ tìrẹ àti ti olùkọ́ kíláàsì kejì kò lè dọ́gba, bí ebi bá sì ti ń pa ọ́ nígbà tó o máa fi dé orí ìwé ọgbọ̀n, tìrẹ gan-an á ti yí padà. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọ méjì kọ ohun kan náà. Èmi fún ọ̀kan ní 2, ẹni tá a jọ ń máàkì fún èkejì ní 0. Àwọn ọmọ náà tẹ́ ìwé méjèèjì sórí tábìlì mi, n kò rí nǹkan kan sọ.

Wo ìbéèrè náà. Awakọ̀ ta omi ẹrẹ̀ sí ìyá ẹlẹ́kọ lára, ẹ̀kọ bàjẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ ìyá, ó na owó tó tó ra gbogbo igbá ẹ̀kọ náà sí i. Ìyá ní òun ò gbà: "Bí mo bá gbà á, ṣé o ò ní sáré kọjá níbí lọ́la?" O wá béèrè ohun tó mú ìyá kọ owó. Ayọkà kò sọ ìdí yẹn ní tààrà. Ọmọ ló máa fà á yọ nínú ọ̀rọ̀ ìyá. Ohun méjì lò ń wá nígbà náà: ìdí, àti ibi tí ọmọ ti rí i.

Ẹni tó bá sọ pé ìyá ò fẹ́ kí awakọ̀ rò pé owó ti parí ọ̀rọ̀, kó má baà tún sáré, tó sì tọ́ka sí ìbéèrè tí ìyá bi í, gba 3. Ẹni tó sọ ìdí yìí láìtọ́ka sí ayọkà gba 2. Ẹni tó kàn da ọ̀rọ̀ ìyá kọ láìṣàlàyé gba 1, torí ó mọ ibi tí èsì wà, kò tíì fà á yọ ni. "Inú ń bí i" lásán, 0. "Owó náà kéré", 0, torí ayọkà ti sọ pé ó tó ra gbogbo igbá. Kọ gbólóhùn ọmọ kan gan-an sábẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan, má fi ti ara rẹ dípò. Má sì ṣe ìlànà tó ń wá ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kiri: bó o bá ní kí wọ́n wá "sáré", ọmọ tó kọ pé "ìyá fẹ́ sáré lọ sílé" á gba máàkì.

Lẹ́yìn náà, kí ìwọ àti ẹnìkejì rẹ fi pẹ́ńsù máàkì ìwé mẹ́wàá yẹn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìbára yín sọ̀rọ̀. Ibi tí ẹ bá ti yàtọ̀, ìlànà ni kẹ́ ẹ tún ṣe kẹ́ ẹ tó máa bára yín jiyàn. Mo ti rí ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ yàtọ̀. Ọmọ kan kọ pé "ìyá fẹ́ kó kẹ́kọ̀ọ́", kò sọ ẹ̀kọ́ wo. Èmi á fún un ní 1, màá sì kọ ìpinnu yẹn sínú ìlànà.

Òmíràn kọ ọ́ láìsí àmì kankan: "Iya fe ki o ko eko." Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣé kí awakọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ ni, àbí kó kó ẹ̀kọ tó dà sílẹ̀? Nínú PISA, ìdánwò tí àjọ OECD ń ṣe fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láti ọdún 2000, wọn kì í yọ máàkì nítorí àṣìṣe sípẹ́lì àfi tó bá bo ìtumọ̀ mọ́lẹ̀. Àmì ohùn tiwa máa ń bò ó mọ́lẹ̀ nígbà mìíràn. Bí ohun mìíràn tí ọmọ náà kọ bá fi hàn pé ẹ̀kọ́ ló ní lọ́kàn, fún un ní 1; bí kò bá sí, 0.

PISA tún ní kóòdù ọ̀tọ̀, 9, fún ẹni tí kò kọ ohunkóhun, kó má baà dàpọ̀ mọ́ 0 ẹni tó gbìyànjú. Fa ìlà síbẹ̀ dípò òdo. Bí ìlà bá pọ̀ ní ìbéèrè kẹrin, bóyá àkókò ni kò tó wọn, tàbí ìbéèrè rẹ ni kò yé wọn.

Máàkì ìbéèrè kẹrin nínú gbogbo ìwé tán kó o tó bọ́ sí ìkarùn-ún. Tó o bá yí ìlànà padà lójú ọ̀nà, padà sí àwọn tó o ti máàkì. Ó ń súni, mo mọ̀.

Ọmọ tó kọ "ko eko" yẹn, gbólóhùn kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí fọ́tò gé kúrò. Tún un yà fún mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ