Ọ̀nà ọjà ni ẹ̀sìn méjèèjì gbà wọlé

Sí Olóòtú,

Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti sọ pé idà ló gbé ẹ̀sìn Ìsìláàmù wọ ilẹ̀ Yorùbá, tí ìbọn òyìnbó sì gbé ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì wọlé. Kò sí ẹni tó lè ní ogun kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé idà ló ṣe é, kí òǹkọ̀wé yín ṣàlàyé Ìbàdàn fún wa. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn jagunjagun Ìbàdàn ṣẹ́gun ogun Mùsùlùmí Ìlọrin ní Òṣogbo, ogun ẹlẹ́ṣin kò sì rí ọ̀nà gbà kọjá ibẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, kí ọ̀rúndún náà tó parí, Mùsùlùmí ti pọ̀ bí iyanrìn nínú ìlú tó lé Ìlọrin padà yìí, kódà Mùsùlùmí ni Ààrẹ Látòósà tó ṣe olórí wọn.

Orúkọ tí àwọn baba wa sọ ẹ̀sìn náà ti sọ ibi tó ti wá. Ìmàle ni wọ́n pè é, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé láti ara Mali ni orúkọ náà ti wá, nítorí pé àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ló kọ́kọ́ mú un wá. Kánún, iyọ̀ àti ẹṣin ń ti òkè ọya bọ̀ wá, obì sì ń lọ. Ẹni tó bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rìn kì í padà lọ́jọ́ kejì. Yóò wọ̀ sọ́dọ̀ onílé kan títí ọjà rẹ̀ yóò fi tà. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ onílé ti ń wò ó bó ṣe ń ṣe àlùwàlá, tó ń tẹ́ awọ àgbò, tó ń forí kanlẹ̀. Bí aya onílé kò bá rọ́mọ bí, tàbí bí ara ọmọ kò bá yá, wọn a ní kí àlejò náà gbàdúrà. Yóò kọ àyọkà kèú sára wàláà, yóò fi omi fọ tàdáwà náà sínú igbá, aláìsàn á sì mu ún: hàǹtú nìyẹn. Bí ó bá jẹ́, wọn a tún padà wá. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n kó Ògún dànù lọ́jọ́ náà. Ifá pàápàá kò dènà rẹ̀, torí pé tí Òtúá Méjì bá yọ fún ọmọ tuntun, babaláwo lè sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún Ìmàle. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará ilé ṣe ń di Mùsùlùmí, ibẹ̀ ni kí ó wò.

Ti ìgbàgbọ́ náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì dá dúró ní Fírítáùn, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọjà padà wá sí Àgbádárìgì láti ọdún 1839. Àwọn Sàró wọ̀nyí ló ránṣẹ́ pe àwọn míṣọ́nnárì tó dé lọ́dún 1842. Ní 1846, Àjàyí Crowther, ọ̀kan nínú àwọn Sàró náà, pàdé ìyá rẹ̀, Àfàlà, ní Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìyá náà ṣe ìrìbọmi. Ọmọ tó ti sọnù láti bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ló mú un wọlé. Nígbà tí Crowther sì ń túmọ̀ Bíbélì, àlùfáà, wòlíì, àdúrà àti ìwàásù tó wà lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí ló bá nílẹ̀, wọ́n sì wúlò fún un.

Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, n kò lè gbójú fo ọdún 1892. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fìbọn ṣẹ́gun wa ní Ìmágbọn, wọ́n sì ṣí ọ̀nà tí àwọn baba wa ti fi ń gba owó bodè. Òótọ́ ni, ìbọn ló ṣí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tó gba ọ̀nà náà lọ sí Èkó láti tajà kò gba ẹ̀sìn kan ṣoṣo bọ̀. Bàbá bàbá mi ń ru ẹrù lọ sí Ẹ̀pẹ́, ìlú tí Kòsọ́kọ́ ọba Èkó àti àwọn Mùsùlùmí tó tẹ̀ lé e sá sí lẹ́yìn ogun Èkó lọ́dún 1851; ó kírun wálé. Àbúrò rẹ̀ lọ sí Èkó, ó mú ìwé ABD bọ̀. Ìyàwó mẹ́ta tó ti wà nílé kó tó dé ni kò jẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ìrìbọmi fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣe é fún àwọn ìyàwó náà. Ọdọọdún ló ń jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì sin ín nígbà tó kú.

Èmi ni, olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìjẹ̀bú-Òde